Pípààrọ̀ Aṣọ Ẹnì Kan Nínú Fọ́tò Ẹgbẹ́ Láìfọwọ́ Kan Àwọn Tó Yí I Ká

Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú fọ́tò náà, wọ́n tò ní ìlà méjì níwájú ògiri funfun. Mẹ́jọ wọ kóòtù búlúù tó ṣú, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹsàn-án, ọkùnrin tó dúró sí àárín ìlà ẹ̀yìn, wọ tíṣẹ́ẹ̀tì pupa alápá kúkurú. Wọ́n fẹ́ kí òun náà wọ kóòtù bíi tiwọn. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè, nítorí náà kò sí awuyewuye lórí bóyá ó yẹ kí á ṣe é. Àdéhùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi lé e ni pé kò gbọdọ̀ sí ohun tó yí padà lára ẹlòmíì, bó ti wù kó kéré tó.

Àdéhùn yìí ní ìdí. Kí iṣẹ́ náà tó dọ́wọ́ mi, obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ náà ti gbé odindi fọ́tò náà fún ẹ̀rọ ayàwòrán kan, irú èyí tí a máa ń kọ ọ̀rọ̀ fún, tí yóò sì tún àwòrán ṣe. Ó kọ ọ́ kedere pé kó pààrọ̀ aṣọ ọkùnrin àárín, kó má fọwọ́ kan àwọn yòókù. Kóòtù tó jáde dára gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ara wọn, ẹnì kan ní ojú òun kọ́ nìyí. Ẹlòmíì ní eyín òun ti pọ̀ sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹnì kan ti lẹ̀ mọ́ ara wọn di okùn kan. Fọ́tò náà pàápàá ti kéré sí i: 4000 × 2667 píksẹ́lì ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di 1536 × 1024.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á mú Stable Diffusion, tí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ wà ní gbangba. Kì í tún píksẹ́lì ṣe. Á kọ́kọ́ fún gbogbo fọ́tò náà pọ̀ sí àwòrán kékeré kan nínú, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ti tẹ́lẹ̀. Inú ibẹ̀ ni yóò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tún un fẹ̀ padà. Nínú fọ́tò wa, ojú ènìyàn kan fẹ̀ tó 200 píksẹ́lì. Tí a bá sọ fọ́tò náà di 1536, ojú náà á di nǹkan bíi 77. Tí a bá wá pín 77 sí mẹ́jọ, kò tó àpótí mẹ́wàá tí ẹ̀rọ náà yóò fi rántí imú, ojú, eyín àti ẹ̀rín ẹni náà. Nígbà tó bá ń fẹ̀ ẹ́ padà, ohun tí kò rántí, yóò hùmọ̀ rẹ̀ ni. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pète láti yí ojú ẹnikẹ́ni padà, lílọ àti bíbọ̀ yẹn nìkan ti tó láti ba ojú kékeré jẹ́.

Nítorí náà, mi ò ka ọ̀rọ̀ bẹ̀bẹ̀ tí a ń kọ fún ẹ̀rọ kún ohun tó lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ààbò tó dájú ni pé kí ohun tí ẹ̀rọ bá yà má ṣe di fọ́tò náà. Kóòtù nìkan la ó gé lára rẹ̀, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò àtilẹ̀wá. Gbogbo ibi tí a kò lẹ nǹkan mọ́ yóò ṣì jẹ́ píksẹ́lì tí kámẹ́rà yà.

Mo kọ́kọ́ sọ fáìlì JPEG tí wọ́n fún mi di PNG, torí pé gbogbo ìgbà tí a bá tún JPEG fi pamọ́ ni yóò tún gbogbo fọ́tò náà fún pọ̀, títí kan ara àwọn tí a kò fẹ́ fọwọ́ kàn. PNG kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá gé igun mẹ́rin kan yíká ọkùnrin náà, láti orí dé ìbàdí, 1024 × 1024 píksẹ́lì, pẹ̀lú ImageMagick, ètò tí a ń kọ àṣẹ fún láti tún àwòrán ṣe:

```
magick asili.png -crop 1024x1024+1480+620 +repage ige.png
```

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan 1024 ni. Ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ́ SDXL, ẹ̀yà Stable Diffusion tí mo lò, nìyẹn. Bí ìgé náà bá bọ́ sí ìwọ̀n yẹn gan-an, a ò ní fẹ̀ ẹ́, a ò sì ní dín in kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ìyẹn ni pé okùn aṣọ tí ẹ̀rọ bá yà yóò rí bákan náà ní ìwọ̀n pẹ̀lú ti aṣọ aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ kóòtù ayédèrú ni ojú ń dá mọ̀ torí pé wọ́n yà á ní kékeré, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ó máa ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ láàárín aṣọ tí okùn wọn hàn. Ànfààní kejì ni pé apá kóòtù àwọn aládùúgbò bọ́ sínú ìgé náà, ẹ̀rọ sì rí àpẹẹrẹ ohun tí a fẹ́.

Ọ̀rọ̀ máàsìkì ló gba àkókò jù. Máàsìkì ni àwòrán dúdú-àti-funfun tó ń sọ ibi tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé: funfun ni ibi tí nǹkan yóò yí padà, dúdú ni ibi tí kò ní yí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ya ẹyọ kan, wọ́n á sì lo ẹyọ kan náà fún ohun méjì tí kò jọra: fífi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti ya aṣọ, àti yíyan ibi tí a ó lẹ̀ mọ́ fọ́tò àtilẹ̀wá. Méjì ni mo yà.

Èyí àkọ́kọ́, ti ẹ̀rọ, ni mo jẹ́ kó fẹ̀. Ó bo tíṣẹ́ẹ̀tì náà tán, ó sì bo apá ọkùnrin náà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, nítorí pé kóòtù ní apá gígùn. Bí a bá gbàgbé apá yìí, kóòtù alápá kúkurú ni ẹ̀rọ yóò yà, torí ó rí ara tó hàn níta máàsìkì, ó sì ní láti bá a mu. Mo tún jẹ́ kí máàsìkì náà gun orí ìka ọwọ́ aládùúgbò. Ọkùnrin tó wà lápá òsì gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tí à ń wọ̀ láṣọ yìí, ìka mẹ́rin sì hàn lórí aṣọ pupa náà. Ó lè jọ pé ohun tó tọ́ ni kí á yọ ìka wọ̀nyẹn kúrò nínú máàsìkì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò rí ìka tó dé etí máàsìkì, yóò sì fẹ́ parí ọwọ́ náà fún wa: ìka karùn-ún yóò yọ, tàbí kí aṣọ rọ mọ́ èékánná. Tí a bá bo ìka náà mọ́lẹ̀, èjìká kóòtù kan tó mọ́ ni yóò yà láìrò ó. Ọwọ́ àtilẹ̀wá yóò padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá ń lẹ̀ ẹ́.

Èkejì, ti lílẹ̀, ni mo yà tí mo fún mọ́ra, pẹ̀lú fọ́tò tí mo fà súnmọ́ dé 300%. Ìka aládùúgbò dúdú nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí ọkùnrin tó jókòó níwájú, tó bo díẹ̀ nínú ikùn ẹni wa. Etí máàsìkì yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Níbi tí kóòtù bá ti pàdé ògiri, mo jẹ́ kó kọjá ibi tí tíṣẹ́ẹ̀tì parí ní nǹkan bíi píksẹ́lì 12, torí èjìká kóòtù nípọn ju ti tíṣẹ́ẹ̀tì lọ, mo sì jẹ́ kí etí náà rọ̀ díẹ̀. Níbi tó bá ti pàdé ènìyàn, kò kọjá rárá, rírọ̀ etí rẹ̀ kò sì ju píksẹ́lì kan lọ.

Ibí yìí ni a ti ní láti pinnu ohun kan. Apá kóòtù ọkùnrin òsì wà lẹ́yìn ẹni wa. Ká ní lóòótọ́ ni ẹni wa wọ kóòtù lọ́jọ́ náà, nínípọn kóòtù rẹ̀ ì bá bo díẹ̀ nínú apá yẹn. Tí a bá ṣe é bí ó ṣe máa rí gan-an, a ti bo aládùúgbò. Mo yàn láti dúró láàárín ìlà tíṣẹ́ẹ̀tì. Kóòtù náà wá fún mọ́ ọn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wá a kò lè rí i. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ bá jẹ́ agbádá tàbí aṣọ tó fẹ̀ gan-an, ọ̀nà yìí kò ní ṣeé ṣe. Yóò di dandan kí wọ́n gbà pé aládùúgbò yóò pàdánù díẹ̀ lára aṣọ rẹ̀.

Kí n tó gbé ìgé náà fún ẹ̀rọ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ara tíṣẹ́ẹ̀tì náà ní búlúù nínú GIMP, ètò kan tí a fi ń tún fọ́tò ṣe. Àwọ̀ méjì ni mo mú láti ara kóòtù ẹni tó wà lápá ọ̀tún: ọ̀kan láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, èkejì láti ibi tó ṣókùnkùn. Mo fi wọ́n sí ibi tó bá wọn mu lára ẹni wa, láìbìkítà fún ẹwà. Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí wọ́n pè ní `Denoising strength` ló ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe jìnnà sí ohun tó wà nílẹ̀ tó. Bí a bá fi sí 0.75 lórí aṣọ pupa, kóòtù yóò jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa tó ń yọjú láti abẹ́. Bí a bá gbé e dé 1, pupa lọ, ṣùgbọ́n ìrántí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Pẹ̀lú búlúù tí mo ti kùn sílẹ̀, 0.65 tó. Ìmọ́lẹ̀ dúró síbi tí mo fi í sí, ẹ̀rọ sì ya kọ́là, bọ́tìnì àti ìṣẹ́po aṣọ sórí rẹ̀. Nínú àwọn tó jáde, mo yan èyí tí ṣẹ́ẹ̀tì funfun inú rẹ̀ kò mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Funfun tó bá mọ́ jù ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí irú iṣẹ́ yìí, ó sì ṣòro láti tún ṣe lẹ́yìn.

Kóòtù náà ṣì mọ́ tónítóní jù. Kámẹ́rà máa ń fi hóró wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níbi gbogbo, pàápàá lára aṣọ tó ṣú, ohun tí ẹ̀rọ yà kò sì ní irú rẹ̀. Mo fi díẹ̀ kún un pẹ̀lú `RGB Noise`, mo sì fi wé kóòtù aládùúgbò ní 200% títí tí mi ò fi lè sọ èwo ló wá láti inú kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà ni mo lẹ̀ ẹ́:

```
magick tuntun.png maski.png -alpha off -compose CopyOpacity -composite aso.png
magick asili.png aso.png -geometry +1480+620 -compose Over -composite ipari.png
```

Ìlà àkọ́kọ́ fi máàsìkì kejì gé kóòtù jáde. Ìkejì gbé e padà sí ibi kan náà gan-an tí a ti gé e, nítorí pé nọ́ńbà méjèèjì, 1480 àti 620, bá ti ìgé àkọ́kọ́ mu.

Ìka ọkùnrin òsì padà sí èjìká, ṣùgbọ́n wọ́n dà bí ohun tó léfòó. Òjìji wọn ti bá tíṣẹ́ẹ̀tì lọ. Mo ṣí `ipari.png` nínú GIMP, mo fi ìpele tuntun kan lé e tí mo fi sí `Multiply`, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ya òjìji tóóró sábẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan, lórí kóòtù nìkan. Mo wo ibi tí òjìji imú àti àgbọ̀n àwọn tó wà nínú fọ́tò ṣubú sí kí n tó yàn ìhà tí yóò wà.

Ohun méjì kù tí máàsìkì kankan kò lè yanjú, mo sì rò pé àwọn ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ ṣáájú kó tó ṣèlérí.

Àkọ́kọ́ ni irun. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún ní irun gígùn tó tú sílẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ṣubú sí apá ẹni wa. Fọ́nrán irun kan tín-ín-rín ju píksẹ́lì kan lọ nínú fọ́tò yìí. Píksẹ́lì tó wà níbẹ̀ wá jẹ́ àdàlù: ìdajì irun, ìdajì aṣọ pupa. Ta ló ni ín? Bí a bá sọ pé ti obìnrin náà ni, tí a fi sílẹ̀, irun rẹ̀ yóò ní òwú pupa yíká lórí kóòtù búlúù, ojú á sì rí i láti ọ̀nà jíjìn. Bí a bá sọ pé ti aṣọ ni, tí a gé e kúrò, irun náà yóò parí gé-ńgé bí ẹni fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ìpele búlúù kan sórí ibi tóóró yẹn, mo fi sí `LCh Color`, èyí tó ń pààrọ̀ àwọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í fọwọ́ kan mímọ́ àti ṣíṣú. Àwòrán fọ́nrán náà dúró bó ṣe wà, pupa inú rẹ̀ di búlúù. Mo wá fi `Multiply` dín mímọ́ rẹ̀ kù díẹ̀, torí pé kóòtù ṣú ju tíṣẹ́ẹ̀tì lọ.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀ pupa. Aṣọ pupa nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń ta àwọ̀ rẹ̀ sára ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ó wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹni wa, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìka ọkùnrin òsì, ó sì wà fẹ́ẹ́rẹ́ lára kọ́là funfun obìnrin ọ̀tún. Nígbà tí aṣọ pupa kò sí mọ́, ìmọ́lẹ̀ yẹn di ohun tí kò ní orísun. Ti abẹ́ àgbọ̀n, mo dín pupa rẹ̀ kù, ojú ẹni tó ni iṣẹ́ ni. Ti àwọn méjì yòókù kò sí lọ́wọ́ mi láti pinnu.

Kí n tó gbé iṣẹ́ náà lọ, mo yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

```
magick asili.png ipari.png -alpha off -compose Difference -composite -threshold 0 iyato.png
```

Àṣẹ yìí yọ fọ́tò kan kúrò lára èkejì, ó sì sọ ibikíbi tó bá yàtọ̀ di funfun, ì báà ṣe ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí. Àwòrán tó jáde dúdú láti etí dé etí, àyàfi ara kóòtù kan, abẹ́ àgbọ̀n, àti ìlà tóóró irun náà. Ìka dúdú, orí ẹni iwájú dúdú. Ká ní funfun fọ́nká káàkiri ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnì kan ti tún JPEG fi pamọ́ lójú ọ̀nà, tàbí pé odindi àwòrán ẹ̀rọ ló wà lábẹ́ dípò fọ́tò àtilẹ̀wá. Fọ́tò tó bá yẹ̀ ní píksẹ́lì kan péré náà yóò fún wa ní irú funfun bẹ́ẹ̀. Mo tún ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn tí mo dín fọ́tò àtilẹ̀wá kù sí ìwọ̀n rẹ̀. Nítorí pé dídínkù fúnra rẹ̀ máa ń fi ìyàtọ̀ kékeré síbi gbogbo, mo gbé `-threshold` sí 10%. Síbẹ̀, ojú ènìyàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló yọ ní funfun.

Mo fi `iyato.png` ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò náà, mo sì kọ̀wé sí obìnrin tó ń darí wọn: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibi méjì ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Mo ti yí àwọ̀ etí irun obìnrin tó wà lápá ọ̀tún padà, torí kò sí bí a ṣe lè yọ pupa náà láìṣe bẹ́ẹ̀. Pupa tó wà ní ìka ọkùnrin òsì àti kọ́là obìnrin náà, mi ò fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá fẹ́ kí n yọ ọ́, ẹ bi wọ́n kí ẹ sì sọ fún mi.”

Ó bi àwọn méjèèjì. Obìnrin náà ní kí n yọ ti kọ́là, kí irun sì wà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí n má fọwọ́ kan ìka òun rárá. Ìka náà ṣì pupa díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde. PNG ni mo fún wọn fún títẹ̀, pẹ̀lú JPEG kan tí ìwọ̀n dídára rẹ̀ jẹ́ 95 fún fífi ránṣẹ́ lórí fóònù, mo sì ṣàlàyé pé tí ẹnikẹ́ni bá fi JPEG yẹn ṣe àyẹ̀wò, yóò rí funfun níbi gbogbo, kí wọ́n má pariwo.